Lẹ́tà Àkọ́kọ́ sí Iléeṣẹ́ Ìdójútòfò Lẹ́yìn Iná Ilé Ìkẹ́rùsí

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí oníṣòwò ń kọ sí iléeṣẹ́ ìdójútòfò lẹ́yìn tí iná bá jó ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà tí a fi ń béèrè owó. Ìwé ìfitónilétí ni. Ohun méjì ni ìwé àdéhùn iná sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì máa ń kọ wọ́n. Ó ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ jẹ́ kí iléeṣẹ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé iná ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wá kó ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ohun tó bàjẹ́ àti iye wọn wá láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ 15 ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn máa ń dá, òmíràn fi àyè ọjọ́ 30 sílẹ̀. Èyí tó wà nínú tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àwọn tó máa ń kó sí ìjàngbọ̀n ni àwọn tó po iṣẹ́ méjèèjì yìí pọ̀. Àwọn kan dúró kí wọ́n ka àpò tó kẹ́yìn tán kí wọ́n tó kọ̀wé, ìfitónilétí wọn á sì pẹ́. Àwọn mìíràn yára kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ iye owó àti ohun tó fa iná sínú rẹ̀, nígbà tí eérú ṣì ń rú èéfín. Ohun tí orí ìwé yìí ń sọ ni pé lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tètè lọ, kí ó sì sọ kìkì ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni wọn yóò fi wé ohun tí àwọn panápaná kọ, ohun tí ọlọ́pàá kọ, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí wọ́n bá tako ara wọn, ọ̀rọ̀ yín ni wọn kò ní gbà gbọ́.

Ìdí tí ìwé àdéhùn fi ní kí ẹ yára kò ṣòro láti rí. Iléeṣẹ́ ìdójútòfò máa ń rán aṣírò-òfò, ẹni tí wọ́n ń pè ní ajọ́sítà, tí àjọ NAICOM fún ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, láti wá wo ibẹ̀. Ọ̀nà tí páànù gbà wó, ibi tí wáyà ti yọ́, bí àpò ṣe tò síbi ìdí ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún un, kò sì sí èyí tó máa dúró dè é bí òjò bá rọ̀ sí i tàbí bí onílé bá ti gbá ibẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó sọ fún wọn, wọn yóò ní ẹ kò jẹ́ kí àwọn rí òtítọ́ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sì ni. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti pe bróókà àwọn lórí fóònù ní òru ọjọ́ náà, nítorí náà iléeṣẹ́ ti gbọ́. Ó dára kí ẹ pè é, ṣùgbọ́n aṣojú yín ni bróókà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe aṣojú iléeṣẹ́. Tí ó bá gbàgbé, tàbí tí ó sùn, ẹ̀yin lẹ kò tíì sọ fún wọn. Kí lẹ́tà náà lọ tààrà sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òfò ní iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àdéhùn, kí bróókà sì gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ṣe fún ẹ̀kọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà fò lórí. Oníṣòwò kan ń ta oúnjẹ lọ́pọ̀ yanturu láti ilé ìkẹ́rùsí tó háyà ní Ìsọlọ̀, nílùú Èkó. Ìrẹsì, ṣúgà, tòmátò alágolo àti òróró ẹ̀pà ló wà níbẹ̀. Ìwé àdéhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Máàṣì 2025, ó sì ń parí ní ọjọ́ 28 oṣù Fẹ́búárì 2026. Iye tí wọ́n dójú òfò ọjà náà sí ni ₦60,000,000. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7 oṣù Fẹ́búárì 2026, ọlọ́dẹ rí èéfín lójú fèrèsé ẹ̀yìn ní nǹkan bí aago 11:40. Ó pe 767, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó, ní 11:52. Àwọn panápaná dé ní 12:25, wọ́n sì pa iná náà tán ní 3:10 òru. Oníṣòwò náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, ọjọ́ náà ló sì ń kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ wo ni iná yìí ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń fọ́. Ọlọ́dẹ á sọ pé Àbámẹ́ta. Ìwé àwọn panápaná á ní Àìkú, nítorí pé òru ti dá méjì kí wọ́n tó dé. Ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé lè fi ọjọ́ Ajé sórí ìwé rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á sì rò pé ọjọ́ náà ni iná jó. Tí oníṣòwò bá wá kọ “ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì” láìsọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà nílẹ̀ fún iná kan ṣoṣo. Kí ó kọ bí ó ṣe rí gan-an: ìgbà tí a kọ́kọ́ rí iná, ìgbà tí a pe panápaná, ìgbà tí wọ́n dé, ìgbà tí iná kú, kí ó sì so wákàtí kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ó ti mọ̀ ọ́n. 11:40 jẹ́ ohun tí ọlọ́dẹ sọ, nítorí náà “nǹkan bí” gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. 11:52 wà nínú àkọsílẹ̀ ìpè lórí fóònù, kò sì nílò “nǹkan bí” kankan. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn máa ń jẹ́ kí aṣírò-òfò mọ̀ pé ẹni tó kọ lẹ́tà mọ ohun tó yàtọ̀ láàárín ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́. Ọjọ́ náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Òun ló ń fi hàn pé iná ṣẹlẹ̀ kí àdéhùn tó parí, àti pé wọ́n ti san owó ìdójútòfò kí iná tó ṣẹlẹ̀. Òfin ìdójútòfò ló fi múlẹ̀ ní Nàìjíríà pé ẹni tí kò tíì san owó kò tíì ní ìdójútòfò. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ san owó àti nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀ wà nínú lẹ́tà, ìbéèrè kan á ti kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ ni ohun tó fa iná, ibẹ̀ ni àánú máa ń ṣe mí fún àwọn tó mọ̀wé kọ jù. Wọ́n á kọ pé iná mànàmáná ló dé lójijì tó sun wáyà, tàbí pé aládùúgbò ló ń fi iná jó irin. Ta ni ó rí i? Bí ìwádìí panápaná bá wá sọ pé ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀, tí bẹntiróòlù sì wà níbẹ̀, lẹ́tà yín ti di irọ́ lójú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àròsọ lásán ni ẹ ṣe. Ẹ kọ pé ẹ kò tíì mọ ohun tó fà á, pé àwọn panápaná ń wádìí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí iná. Àwọn kan lè ní èyí á dà bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdójútòfò iná kò retí kí oníṣòwò jẹ́ onímọ̀ nípa iná. Pé iná jó ọjà tí àdéhùn mẹ́nu bà, ní ibi tí àdéhùn mẹ́nu bà, ni ẹ ní láti fi hàn. Tí iléeṣẹ́ bá ní ohun tí àdéhùn yọ sílẹ̀ ló fà á, àwọn ni ó kù sí lọ́wọ́ láti fi ẹ̀rí gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ̀ lóòótọ́, bóyá ọlọ́dẹ ló tanná síbẹ̀ tí ó sì ti jẹ́wọ́, ẹ má fi í pamọ́.

Ibi tí lẹ́tà ti nílò àkókò jù ni àkójọ ọjà. Kì í ṣe pé kí ẹ kọ orúkọ ọjà àti iye owó nìkan. Ẹ pín in sí ipò tí ẹ bá a: èyí tó jóná pátá, èyí tí omi, èéfín tàbí ooru bà jẹ́, àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Ìpín kejì ni àwọn èèyàn máa ń fò, torí wọ́n rò pé ohun tí iná kò jó, iná kò bà á jẹ́. Omi tí panápaná fi pa iná jẹ́ ara òfò iná ní òfin ìdójútòfò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín. Ìpín kẹta ni wọn kì í fẹ́ kọ rárá, nítorí wọ́n rò pé yóò dín owó àwọn kù. Òun gan-an ló ń mú kí a gba ìpín méjì yòókù gbọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwé ọjà tí sítọ́kípà pa dé ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta fi hàn pé àpò ìrẹsì 400, àpò ṣúgà 200, páálí tòmátò 1,000 àti kẹ́ẹ̀gì òróró 150 ló wà nílẹ̀. Àpò ìrẹsì 250 jóná, omi wọ 100, 50 kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo ṣúgà ni omi yọ́. Kẹ́ẹ̀gì 60 jóná, 90 wà bó ṣe wà. Páálí tòmátò 400 ni ooru ti dì mọ́ra wọn, tí bébà ara agolo sì ti jó, 600 kù. Tí ẹ bá ro ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún ọjà kọ̀ọ̀kan, iye tó wà nínú ìwé sítọ́kípà ló gbọ́dọ̀ jáde. Tí kò bá jáde, ẹ tún un kà kí ẹ tó kọ ọ́, tàbí kí ẹ sọ iye tí ẹ kò rí.

Ẹrù ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọ inú àkójọ yìí. Bí ọ̀rẹ́ bá fi páálí bísíkíìtì pamọ́ sí ọ̀dọ̀ yín, tàbí bí iléeṣẹ́ kan bá gbé ọjà kalẹ̀ pé kí ẹ bá òun tà á, ìwé àdéhùn iná sábà máa ń yọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sọ ẹni tó ni ín. Ilé náà ńkọ́? Ti onílé ni, bí ẹ kò bá dójú òfò rẹ̀, ẹ má fi í kún tiyín. Ẹrù tí àwọn èèyàn jí gbé nígbà tí iná ń jó tún wà níbẹ̀. Àwọn ìwé àdéhùn kan kò ka ìyẹn mọ́ iná, nítorí náà ó yẹ kó ní ìlà tirẹ̀.

Ó wá kan owó. Kíkọ iye sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ kò pọn dandan, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ máa ń fẹ́ mọ bí òfò ṣe tó kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí wọn yóò rán. Ẹ lè kọ iye ìfojúbù, kí ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ pé iye tí ẹ ra ọjà ni ẹ fi ṣírò. Iye tí ẹ ra ọjà wọlé ni, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà á, nítorí pé èrè tí ẹ kò tíì jẹ kò sí nínú ìdójútòfò ọjà lásán. Ká sọ pé oníṣòwò wa ra ìrẹsì ní ₦60,000 lápò kan, ṣúgà ní ₦75,000, tòmátò ní ₦12,000 páálí kan, òróró ní ₦60,000 kẹ́ẹ̀gì kan. Gbogbo ọjà tó wà nínú ilé jẹ́ ₦60,000,000 géérégé. Èyí tó jóná àti èyí tó bàjẹ́ jẹ́ ₦44,400,000, kí a tó yọ iye tí a lè rí lórí àṣẹ́kù.

Níbí ni ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí ti máa ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé, “Àwọn ìnṣọ́ránsì á gé e ni, fi nǹkan lé e.” Ìmọ̀ràn yìí tọ́ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ìṣirò. Inú ìwé àdéhùn iná ni gbólóhùn kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní àfẹ́réèjì. Ó ní tí gbogbo ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ iná bá ju iye tí a dójú òfò rẹ̀ sí lọ, ẹni tó ni ọjà á fara gba nínú òfò náà, ní ìwọ̀n ohun tí kò dójú òfò rẹ̀. Ẹ ó mú òfò, ẹ ó fi iye tí ẹ dójú òfò sí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó sì fi iye gbogbo ọjà pín in. Bí oníṣòwò wa bá kọ òtítọ́, ọjà tó wà nílẹ̀ kò ju ₦60,000,000 lọ, àfẹ́réèjì kò kàn án. Bí ó bá fẹ́ fi ọlá hàn, tí ó kọ pé ọjà ₦80,000,000 ló wà nílẹ̀, tí ó sì fi òfò náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ₦33,300,000 ló tọ́ sí i. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ₦11,100,000 nù. Ẹnì kan lè ní kí ó bu ₦20,000,000 kún ìhà méjèèjì, kí òfò di ₦64,400,000. Àfẹ́réèjì á sọ ọ́ di ₦48,300,000. Irọ́ ogún mílíọ̀nù wá mú ₦3,900,000 àti ọ̀kẹ́ àìmọye aápọn wá: ó ní láti wá ínfọ́ìsì tí kò sí, kí ó yí ìwé sítọ́kípà padà, kí ó sì rọ ọlọ́jà tó ń kó ọjà fún un láti bá a purọ́, nígbà tí àkọsílẹ̀ báǹkì rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn.

Kò sì mọ sí pé wọn yóò gé irọ́ náà kúrò. Ìwé àdéhùn iná sábà máa ń sọ pé bí apá kan nínú ohun tí a béèrè bá jẹ́ èrú, gbogbo ẹ̀tọ́ ló lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀ ní 1997. Ẹrù tó ju pọ́n-ùn 16,000 lọ ni olè kó lóòótọ́ nínú ilé ẹnì kan, ó wá fi kọ̀ǹpútà pọ́n-ùn 2,000 kan tí kò sí níbẹ̀ kún un. Àwọn adájọ́ kò gbà pé irọ́ náà kéré, ẹni náà kò sì rí gbà nínú tòótọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de ilé-ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n orísun kan náà ni òfin ìdójútòfò méjèèjì ti ṣàn wá, àwọn agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n lórí. Ìfojúbù tó ṣèèṣì lé díẹ̀ kò jọ èyí. Ohun tó ń dáàbò bo ẹni tó fi ojú bu iye ni pé ó sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé ìfojúbù ni, pé yóò yí i padà bí ìwé bá pé.

Ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlérí lásán nínú lẹ́tà. Ẹ sọ èyí tó wà lọ́wọ́, èyí tí ẹ ti béèrè fún, àti èyí tó jóná. Oníṣòwò máa ń bẹ̀rù láti sọ pé ìwé òun jóná, ṣùgbọ́n iná ilé ìkẹ́rùsí máa ń jó ìwé. Ohun tó ń mú kí wọ́n fura sí ènìyàn ni kí ìwé tí a kò sọ pé ó jóná má wá rí bọ̀. Ohun tó jóná lọ́dọ̀ yín ní èkejì níbòmíràn: iléeṣẹ́ tó ta ṣúgà fún yín ní ẹ̀dà ínfọ́ìsì, onímọ́tò ní ẹ̀dà wébíìlì, báǹkì ní àkọsílẹ̀ owó tí ẹ san. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìwé ọjà jóná, ṣùgbọ́n sítọ́kípà máa ń ya ojú ewé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní alẹ́, ti alẹ́ Àbámẹ́ta sì wà níbẹ̀. Fóònù náà ni kí wọ́n tọ́jú, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù nìkan, nítorí pé Wasáàpù máa ń fún àwòrán pọ̀, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti wákàtí tí a yà á kúrò nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́, Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ní ìlànà tirẹ̀ fún ohun tó jáde láti inú ẹ̀rọ, títí kan ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ náà. Àwòrán ibi tí iná jó ni kí ẹ yà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan nípò: láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ìdì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àmì ara àpò àti nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sára páálí. Kámẹ́rà aláàbò tí ẹ bá ní máa ń pa ohun àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ìwádìí panápaná àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá kì í tètè jáde. Ẹ kọ pé ẹ ti béèrè fún wọn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ béèrè. Ẹ má dá lẹ́tà dúró nítorí wọn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ́kù ni ó kù, oúnjẹ sì mú un le. Ìwé àdéhùn ní kí ẹ má jẹ́ kí òfò pọ̀ sí i, ó sì ní kí ẹ má kó ohun tó bàjẹ́ dà nù kí wọ́n tó rí i. Ìrẹsì tí omi wọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í hu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ẹ lè ṣe láìgba àṣẹ ni kí ẹ fi tápólì bo òrùlé, kí ẹ ya èyí tó gbẹ kúrò lára èyí tó tutù, kí ẹ sì ya àwòrán bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ má tà á, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí aládùúgbò bẹ̀bẹ̀ tó. Tòmátò alágolo tí ooru ti wú kò ṣeé tà fún ènìyàn, ọwọ́ NAFDAC ni ìparun oúnjẹ tó bàjẹ́ sì wà. Ìwé tí wọ́n bá fún yín lórí rẹ̀ yóò di ẹ̀rí pé àṣẹ́kù náà kò níye lórí. Ẹ dá ọjọ́ kan sínú lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kí aṣírò-òfò wá kí ó tó di pé ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Bí wọn kò bá wá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ lẹ́tà náà níkẹyìn, torí èdè tí ìwé àdéhùn wà nìyẹn. Síbẹ̀ ó dára kí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọlọ́dẹ àti sítọ́kípà gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ti oníṣòwò wa á rí báyìí:

“Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì 2026. Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Òfò. Ìfitónilétí òfò iná. Nọ́ńbà ìwé àdéhùn wa nìyí. Àkókò rẹ̀, 1 Máàṣì 2025 sí 28 Fẹ́búárì 2026. A ti san owó rẹ̀, nọ́ńbà rìsíìtì àti ọjọ́ tí a san án wà ní ìsàlẹ̀.

“A ń fi tó yín létí pé iná jó ní ilé ìkẹ́rùsí wa ní Ìsọlọ̀, àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé àdéhùn. Ọlọ́dẹ wa kọ́kọ́ rí èéfín lójú fèrèsé ẹ̀yìn ní nǹkan bí 11:40 alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì 2026. A pe 767 ní 11:52 alẹ́ ọjọ́ kan náà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ fóònù ṣe fi hàn. Àwọn panápaná dé ní nǹkan bí 12:25 òru tó mọ́ ọjọ́ Àìkú, 8 Fẹ́búárì, wọ́n sì pa iná náà tán ní nǹkan bí 3:10. A fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá ní àárọ̀ òní. A kò tíì mọ ohun tó fa iná náà, àwọn panápaná ń wádìí rẹ̀.

“Gẹ́gẹ́ bí ìwé ọjà ìrọ̀lẹ́ 7 Fẹ́búárì àti kíkà tí a ṣe lánàá: ìrẹsì 400, 250 jóná, omi wọ 100, 50 kò bàjẹ́. Ṣúgà 200, omi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tòmátò páálí 1,000, ooru ba 400 jẹ́, 600 kò bàjẹ́. Òróró kẹ́ẹ̀gì 150, 60 jóná, 90 kò bàjẹ́. Kò sí ẹrù ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìfojúbù òfò lórí iye tí a ra ọjà jẹ́ ₦44,400,000, kí a tó yọ àṣẹ́kù. A ó tún un ṣe bí ìwé bá pé, a ó sì mú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wá láàárín ọjọ́ tí àdéhùn dá.

“Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: àwòrán ibi iná, àwòrán ojú ewé ìwé ọjà 7 Fẹ́búárì, àkọsílẹ̀ ìpè. Ìwé ọjà gan-an àti fáìlì ínfọ́ìsì wa jóná. A ti béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó tajà fún wa àti lọ́wọ́ báǹkì. A béèrè ìwé panápaná àti ti ọlọ́pàá lónìí. A ti ya ọjà gbígbẹ sọ́tọ̀, a kò sì kó ohunkóhun dà nù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán aṣírò-òfò wá kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, 12 Fẹ́búárì, nítorí ìrẹsì tó tutù. A kò ní ìdójútòfò mìíràn lórí ọjà yìí.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì bó tilẹ̀ kúrú, torí pé bí iléeṣẹ́ méjì bá jọ dójú òfò ọjà kan, àwọn méjèèjì ló máa pín in san, wọ́n sì ní láti gbọ́ nípa ara wọn. Bí ẹ bá ní òmíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà náà sí ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan gbé e dé ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ náà. Kí ó má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé mọ́ ẹ̀dà kejì, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó gbà á, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà náà sí ibi tí kì í ṣe ilé ìkẹ́rùsí.